Owó Tí A Dá Ọjọ́ Fún Ní Báńkì

Nínú gbogbo ọ̀nà tí báńkì fi ń gba owó lọ́wọ́ wa, èyí tí wọ́n ń pè ní fíísìdì dìpọ́síìtì ni mo rí i pé ó ń rú àwọn ènìyàn lójú jù, àti oníṣòwò àti àwa olùkọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kò le. Ẹ kó owó fún báńkì, ẹ jọ fi ẹnu kò sí iye ọjọ́ tí yóò fi jókòó àti iye èlé tí báńkì yóò san lé e, ẹ kò sì ní fọwọ́ kàn án títí ọjọ́ yóò fi pé. Nítorí pé báńkì mọ̀ pé owó náà kò ní dìde lọ́la, ó lè fi í yá ẹlòmíràn láìfòyà. Ìdí nìyí tí èlé rẹ̀ fi máa ń ju ti ìwé ìfowópamọ́ lásán lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìyá kan tí ó ń ta aṣọ lọ́jà wa mú ìwé àdéhùn báńkì rẹ̀ tọ̀ mí wá kí ó tó fọwọ́ sí i. Ó fẹ́ fi ₦730,000 sílẹ̀ fún 90 ọjọ́, báńkì sì ní àwọn yóò san ₦10 lórí ₦100. Ó ní, “Tíṣà, ṣé ₦73,000 ni n óò rí lé e nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé?”

Mo ní, “Rárá, Mà. Èlé ọdún kan gbáko ni wọ́n kọ síbẹ̀.”

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣìnà sí nìyí. Iye ọjọ́ yòówù tí ẹ bá dá, ìbáà ṣe 30 tàbí 180, ti ọdún kan ni báńkì máa ń pè. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èyí tí yóò kàn án ní láti fi 365 pín in, kí ó tó fi iye ọjọ́ tirẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. ₦73,000 tí a bá fi 365 pín jẹ́ ₦200 lójúmọ́. Ní 90 ọjọ́, ó di ₦18,000. Nínú èyí, báńkì yóò yọ owó orí ìjọba, ₦10 lórí ₦100 èlé, tí í ṣe ₦1,800. Ohun tí yóò wọ ọwọ́ ìyá yìí ni ₦16,200. Ojú owó kò ní dín, orí èlé nìkan ni owó orí ń gbé.

Ó wò mí títí, ó ní owó náà kéré. N kò bá a jiyàn. Ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ kéde pé ní Disẹ́ḿbà 2024, ọjà ti gbówó lórí ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ ní ₦34.80 lórí ₦100. Èlé ₦10 kò lè bá irú eré bẹ́ẹ̀ dọ́gba. Ṣùgbọ́n alájọ tí ó ń bá a gba owó tẹ́lẹ̀ kì í san kọ́bọ̀ fún un, owó ọjọ́ kan ni òun pàápàá ń yọ lóṣooṣù. Owó tí kò níṣẹ́ kan pàtó tí ó fẹ́ fi ṣe fún ìgbà díẹ̀ ni irú ètò yìí wà fún, kì í ṣe owó tí ó yẹ kí ó di aṣọ lórí àtẹ.

Lẹ́yìn èyí, mo bi í léèrè ọjọ́ tí yóò lọ gbà á. Ó ní ọjọ́ kẹta oṣù Màyí, nítorí pé ọjọ́ kẹta oṣù Fẹ́búárì ni yóò kó o sílẹ̀. A mú kàlẹ́ńdà. 90 ọjọ́ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ oṣù mẹ́ta. Fẹ́búárì ọdún náà ní ọjọ́ 28, nígbà tí a sì kà á délẹ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù Màyí ni ó bọ́ sí, ọjọ́ Ìsinmi sì ni. Ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e ni owó yóò tó jáde. Ẹni tí ó bá ti ṣèlérí fún oníbàárà pé òun yóò san owó ní Sátidé yóò ti jẹ́ ẹlẹ́tàn kí ilẹ̀ Ọjọ́ Ajé tó mọ́.

Ohun tí ó kọ mí lóminú jù ni Àjíǹde tí ó bọ́ sí ogúnjọ́ oṣù Épírì. Aláṣọ kò ní fẹ́ kí owó òun wà ní àtìmọ́lé nígbà ọdún. A wá ibi tí ìwé náà ti sọ̀rọ̀ ìtanràn. Àwọn báńkì kò ṣe é bákan náà: òmíràn yóò san èlé ìwé ìfowópamọ́ lásán, òmíràn kò ní san èlé rárá. Tirẹ̀ ní àwọn yóò gba ìdá mẹ́rin kan nínú èlé tí ó ti wọlé, àti pé gbogbo owó ni a ó tú, kò sí pé a yọ díẹ̀ sílẹ̀.

A ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ẹni pé ó tú u ní ọgọ́ta ọjọ́, tí í ṣe ọjọ́ kẹrin oṣù Épírì. Èlé yóò ti di ₦12,000. Ìtanràn gbé ₦3,000, ó ku ₦9,000. Owó orí gbé ₦900, ó ku ₦8,100. Nítorí 30 ọjọ́ péré, ìdajì ₦16,200 ti lọ. Àwọn kan gbà pé èèwọ̀ ni láti tú irú owó bẹ́ẹ̀. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Bí èrè aṣọ Àjíǹde yóò bá ju ₦8,100 lọ, kí ó tú u. Àmọ́ ẹni tí báńkì bá ti san èlé fún ṣáájú kí ó ṣọ́ra, nítorí inú ojú owó rẹ̀ ni wọn yóò ti yọ èyí tí kò tọ́ sí i mọ́.

Mo wá sọ fún un pé kí ó pín owó náà sí méjì, ₦365,000 lọ́nà méjì, ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá báńkì yóò dín èlé kù nítorí pé owó kéré. Wọ́n ní àwọn kò ní dín in. Nígbà tí Épírì dé, ó tú ọ̀kan láti ra ọjà, ₦4,050 ni ó rí lórí rẹ̀. Èkejì jókòó títí, ó sì bí ₦8,100. Bí kò bá pín in ni, ₦8,100 náà nìkan ni ì bá rí lórí gbogbo rẹ̀.

Ó ku ibì kan nínú ìwé náà tí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan fi sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí nígbà tirẹ̀. Báńkì ń béèrè ohun tí wọn yóò ṣe bí ọjọ́ bá pé: ṣé kí wọ́n dá gbogbo owó padà sínú àkáǹtì rẹ, àbí kí wọ́n san èlé kí ojú owó bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ tuntun, àbí kí àti ojú owó àti èlé jọ bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé kò mú ọ̀kan, báńkì tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ 90 ọjọ́ mìíràn fún un, iye èlé ọjọ́ náà ni wọ́n sì lò, tí ó kéré sí ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà tí ó pé ni ó lọ, wọ́n ní bí ó bá fẹ́ gba owó náà, títú ni. Ìyá aláṣọ ní tirẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà, ó sì gba ẹ̀dà ìwé náà pẹ̀lú òǹtẹ̀ báńkì lórí rẹ̀. Ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù Màyí, ₦373,100 ti wà nínú àkáǹtì rẹ̀.