Ọjọ́ Tí Mo Kọ 48 Dípò 84

Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Gbólóhùn yìí ni ìyá mi fi tọ́ mi dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, nínú ilé kan tí kò jìnnà sí Ìgá Ìdúngànràn. Òun náà ló fa òwò léèsì lé mi lọ́wọ́ ní Ìdúmọ̀tà nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé àtẹ̀gùn mọ́. N kò jiyàn sí òwe náà títí di òní. Ṣùgbọ́n oògùn tí a bá lò kọjá ìwọ̀n a máa di májèlé, èmi gan-an sì ti tọ́ ọ wò.

Aṣọ ẹbí ni mò ń tà jù. Ẹni tí kò bá ṣe é rí yóò rò pé kí a gba owó kí a sì kó aṣọ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ó fi àwọ̀ han ìyàwó, ẹ ó fi han ìyá ìyàwó, ẹ ó fi han àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ tí wọn kò fẹ́ èyí tí ìyàwó yàn. Ẹ ó máa gba owó lọ́wọ́ ọ̀gọ́rùn-ún ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì máa rán wọn létí. Lọ́dún náà, mo ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́kànlá lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí pé ilé àti ìsọ̀ mi súnmọ́ra, oníbàárà a máa kan ilẹ̀kùn mi ní aago mẹ́wàá alẹ́. Wáàsáápù ní tirẹ̀ kì í sùn rárá.

Àmì kọ́kọ́ fara hàn lára oorun. Bí ó ti wù kí n pẹ́ sùn tó, mo máa ń jí ní aago mẹ́ta òru, orí mi a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó tí ẹnìkan kò tíì san. Lẹ́yìn náà ni inú bíbí dé. Ọmọ mi obìnrin béèrè lọ́jọ́ kan pé, "Mọ́mì, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" Ìwé àròkọ rẹ̀ nìkan ló fẹ́ fi hàn mí. Èyí tó burú jù ni pé oníbàárà tí mo máa ń bá ṣe àwàdà tẹ́lẹ̀ di ẹrù lójú mi. Bí fóònù bá dún, àyà mi a já. Mo pe gbogbo rẹ̀ ní àárẹ̀ lásán, mo sì fi oògùn orí fífọ́ lé e.

Ìdílé ìyàwó kan wá béèrè ìdì léèsì 84, èmi sì kọ 48 sínú ìwé mi. N kò mọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tí ìgbéyàwó yóò wáyé, nígbà tí ènìyàn 36 ń béèrè aṣọ wọn. Léèsì náà ti tán lọ́wọ́ ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí a rí níbòmíràn jọ ọ́, ṣùgbọ́n ìrẹ rẹ̀ yàtọ̀: bí a bá gbé méjèèjì sínú oòrùn, ọ̀kan pọ́n ju èkejì lọ. Mo san owó padà, mo sì kúnlẹ̀ bẹ ìyá ìyàwó. Nígbà tí mo padà sínú ìsọ̀, mo jókòó sórí àga, n kò sì lè dìde. Ẹkún kò wá, ìbínú kò wá. Òfìfo ni inú mi.

Ọkọ mi ló mú mi lọ rí dókítà. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó wọn ìfúnpá, ó yẹ ṣúgà wò, nítorí pé àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àwọn àìsàn mìíràn lè mú irú àárẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá. Ìfúnpá mi ga díẹ̀. Ìyókù kò burú. Ó wá ṣàlàyé pé ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ àárẹ̀ tí àpọ̀jù iṣẹ́ ń fà sínú ìwé wọn. Wọn kò pè é ní àìsàn, ohun tó ń ti ibi iṣẹ́ wá ni wọ́n pè é. Àmì mẹ́ta ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n: okun tó tán, iṣẹ́ tó sú ènìyàn tàbí tó di ohun ìkórìíra, àti iṣẹ́ tí kò já gaara lọ́wọ́ ẹni mọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára mi. Ó béèrè bóyá ìbànújẹ́ náà ń tẹ̀lé mi dé ibi tí kò sí iṣẹ́, àti bóyá ikú ń wù mí. Ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìsinmi, ìtọ́jú oníṣègùn ọpọlọ ló kù.

Mo kọ́kọ́ sinmi lọ́nà òdì. Mo dùbúlẹ̀ sílé fún ọjọ́ mẹ́ta, fóònù wà lọ́wọ́ mi. Ara dùbúlẹ̀, ọkàn wà ní Ìdúmọ̀tà. Ó rẹ̀ mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà kejì, mo fi fóònù òwò lé ọmọṣẹ́ mi lọ́wọ́, mo sì lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Abẹ́òkúta fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, oorun nìkan ni mo sùn. Ní ọjọ́ karùn-ún, ara mi kò balẹ̀, bí ẹni pé mo jí nǹkan gbé. Ní ọjọ́ keje ni mo rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ kan, àbúrò mi sì sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yín."

Ṣùgbọ́n bí mo bá padà sí ẹrù kan náà, àárẹ̀ náà yóò padà. Nítorí náà, mo ṣírò. Wákàtí mẹ́sàn-án nínú ìsọ̀, mẹ́rin lórí fóònù, méjì lórí ìwé owó lóru: 15 lóòjọ́, 105 lọ́sẹ̀, Sunday pẹ̀lú. Ọ̀sẹ̀ kan kò ju wákàtí 168 lọ. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kí òṣìṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí 24 gbáko nínú ọjọ́ méje. Mo ń fún ọmọṣẹ́ mi. N kò fún ara mi rí.

Nísinsìnyí, wákàtí mẹ́jọ ni mò ń lò nínú ìsọ̀, fún ọjọ́ mẹ́fà. Mò ń dá Wáàsáápù lóhùn fún ìdajì wákàtí láàárọ̀ àti ìdajì nírọ̀lẹ́. Wákàtí mẹ́ta ni ìwé owó ń gbà ní Sátidé, ọmọṣẹ́ mi a sì tún gbogbo iye kà kí a tó sanwó ọjà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 57. Aṣọ ẹbí mẹ́rin ni mò ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni karùn-ún yóò dúró, tàbí kí n júwe aládùúgbò mi fún un. Ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò yan ẹnìkan tí yóò gba owó jọ, kí n má bàa máa lé ọgọ́rùn-ún ènìyàn kiri.

Ó ní ohun tó ná mi. Oníbàárà méjì bínú lọ, èrè mi sì dín kù fún oṣù mẹ́ta kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ìyá mi pàápàá bi mí bóyá mo ti ń ya ọ̀lẹ. Mo fi ìwé 48 náà hàn án. Ó wò ó pẹ́, ó ní, "Èmi náà máa ń jí ní aago mẹ́ta. Mo rò pé bí ọjà ṣe rí nìyẹn."

Àmì mẹ́ta ni mò ń ṣọ́ báyìí: jíjí ní aago mẹ́ta, kíkanra mọ́ ọmọ, àti àyà jíjá bí fóònù bá dún. Bí méjì bá wáyé nínú ọ̀sẹ̀ kan, n kì í gba iṣẹ́ tuntun títí èyí tó wà nílẹ̀ yóò fi dín kù. Ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ mi ló rí i ṣáájú mi. Ó mú fóònù kúrò lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí àpótí, ó sì gbé ìwé àròkọ rẹ̀ wá.