Lẹ́tà sí Àbíkẹ́, Aládìrẹ Orí Instagram

Àbíkẹ́ mi,

Mo rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí o gbé sórí Instagram lánàá. Aṣọ náà wù mí gan-an, ọwọ́ àwọn aláró Ìtòkú hàn lára rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí o ṣe gbé e síbẹ̀ tán lo bá tirẹ lọ. Ilẹ̀ ti mọ́ kí o tó dá àwọn tó béèrè ìbéèrè lóhùn, “DM” nìkan lo sì kọ fún gbogbo wọn.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ kọ́mẹ́ǹtì, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ náà ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Bí o bá fèsì lójú ẹsẹ̀, fóònù á ta á lólobó, á sì padà wá. Láti 2016, Instagram kì í sábà to nǹkan bí wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀ tẹ̀léra mọ́. Ohun tó rò pé oníkálùkù á fẹ́ ló ń gbé síwájú rẹ̀, kọ́mẹ́ǹtì sì wà lára ohun tó ń wò. Kì í ṣe òfin pé wákàtí àkọ́kọ́ nìkan ló ṣe pàtàkì o, àmọ́ ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ máa ń gbóná jù.

Nítorí náà, má gbé aṣọ síbẹ̀ nígbà tí o bá fẹ́ wọ mọ́tò. Wo Insights kí o mọ ìgbà tí àwọn èèyàn rẹ máa ń wà lórí ẹ̀rọ, kí o sì fi wákàtí kan sílẹ̀ láti dá wọn lóhùn.

Wo ìyá tó béèrè pé, “Ṣé aró rẹ̀ kì í ṣí?” Èmi ìbá sọ pé: “Ó máa ń yọ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, mà. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi tútù, ẹ má fi jíìkì sí i, kí ẹ sá a síbi òjìji. Ṣé ìró àti bùbá lẹ fẹ́ fi rán ni?” Ìbéèrè ìparí yẹn ló máa ń fa ọ̀rọ̀ jáde. Bó bá ní ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ìyá òun ni, o ti mọ̀ pé ọjọ́ kan wà tí aṣọ gbọ́dọ̀ dé, o sì lè béèrè iye èèyàn tó máa wọ̀ ọ́. Sọ iye owó ní gbangba, torí ọ̀pọ̀ ló ń kà láìsọ̀rọ̀. Àdírẹ́sì àti owó sísan ni kí ẹ lọ sọ nínú DM.

Má da “Ẹ ṣeun” kan náà kọ sábẹ́ gbogbo kọ́mẹ́ǹtì léraléra. Instagram lè rò pé ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́, kó ní “Try Again Later”, kí ẹnu rẹ wọlé ní àkókò tí oníbàárà ń pè ọ́.

Ṣọ́ra fún gbájú-ẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n á ṣí àkáǹtì tó jọ tìrẹ, wọ́n á sì máa fi nọ́ńbà WhatsApp tiwọn dá oníbàárà rẹ lóhùn. Wo lẹ́tà orúkọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá yàtọ̀, pa kọ́mẹ́ǹtì náà rẹ́, fẹjọ́ àkáǹtì náà sùn, kí o sì kọ nọ́ńbà rẹ gangan síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i.

Bá mi kí Màmá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Fọlákẹ́