Ohùn Mẹ́ta Nínú Òkùnkùn

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1924, ilé-iṣẹ́ BBC ní Lọ́ńdọ̀nù gbé eré kúkúrú kan tí Richard Hughes kọ sórí afẹ́fẹ́. Inú ihò ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa èédú ni eré náà ti wáyé. Iná kú lójijì, àwọn mẹ́ta tí wọ́n wá wo ihò náà sì há sínú òkùnkùn: ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, àti àgbà ọkùnrin kan. Ọgbọ́n tí Hughes dá níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Kò wulẹ̀ bẹ olùgbọ́ pé kí ó fojú inú wo ohun tí kò rí. Ó kó àwọn òṣèré rẹ̀ sí ibi tí àwọn pàápàá kò ti lè rí ara wọn, tí ó fi di dandan kí wọ́n máa fi ẹnu sọ ohun tí ọwọ́ wọn bà. Ohùn mẹ́ta tí ó sì yàn, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ wọn tí yóò fi ọ̀kan pe èkejì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Òdogbolú kò rí irú ohùn bẹ́ẹ̀ yàn. Iṣẹ́ kíláàsì ni mo fún wọn: kí wọ́n pín ara wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, kí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan kọ eré rédíò oníṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n kọ gbogbo ìró tí yóò dún sínú ìwé, kí wọ́n sì gba eré náà sínú fóònù. Ọmọbìnrin méjì àti ọmọkùnrin kan ni ó wà nínú ìsọ̀rí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan gàrí ni wọ́n fi eré tiwọn sí. Ọmọbìnrin méjì, Dúpẹ́ àti Bọ́sẹ̀, ń yan gàrí tí oníbàárà yóò wá rà ní kùtùkùtù. Ẹ̀gẹ́ náà kò pẹ́ tó nínú àpò, kò sì kan, ṣùgbọ́n Dúpẹ́ fẹ́ tà á bí ojúlówó gàrí Ìjẹ̀bú. Bọ́sẹ̀ kọ̀.

Ìtàn náà dára. Ìyá àgbà ọ̀kan nínú wọn ni a kọ́kọ́ gbé e fún, nítorí pé ojú ìyá náà ti fọ́, rédíò sì ni alábàárò rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló ṣe obìnrin yìí tó ń bá ara rẹ̀ jà?”

Ohùn àwọn ọmọbìnrin méjèèjì jọra bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Ẹni tí ó bá ń wo ẹnu wọn kò lè mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ní kíláàsì ti dá ẹjọ́ náà: kí wọ́n yọ ọ̀kan, kí wọ́n fi ọmọkùnrin mìíràn sí i. Ẹni tí wọn ì bá sì yọ ni ẹni tí ó kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìtàn náà. Kò jà, kò sunkún. Ó ká ìwé rẹ̀ sí méjì, ó sì ń wo ilẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí ìwé sábà máa ń fúnni ni pé kí àwọn òṣèré máa pe orúkọ ara wọn lemọ́lemọ́. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀, ó sì dàbí ìgbà tí ènìyàn ń ka orúkọ ọmọ ilé-ìwé láàárọ̀. Yorùbá méjì tí wọ́n jókòó ti agbada kan kì í pe orúkọ ara wọn ní gbólóhùn-gbólóhùn. Ṣùgbọ́n èdè wa ní ohun tí ó ju orúkọ lọ. Nínú ìwé àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ ni Dúpẹ́ àti Bọ́sẹ̀, “o” ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń sọ sí èkejì. Mo ní kí wọ́n sọ Dúpẹ́ di ẹ̀gbọ́n. Bí Bọ́sẹ̀ bá ti la ẹnu, “ẹ” ni yóò jáde. Bí Dúpẹ́ bá fèsì, “o” ni. Olùgbọ́ kò tún nílò láti mọ ohùn mọ́. Bí ìwé náà ṣe rí lẹ́yìn àtúnkọ nìyí:

BỌ́SẸ̀: Ẹ̀gbọ́n mi, iná abẹ́ agbada yìí pọ̀ jù. Ẹ fa igi kan jáde.

ÌRÓ: Èèfọ́ igbá ń ro gàrí. Kí ó dá dún fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, kí ó wá lọ sílẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀.

DÚPẸ́: Ìwọ ṣáà máa rò ó. Bó bá jóná, wàá sọ tẹnu rẹ.

BỌ́SẸ̀: Ẹ tọ́ ọ wò ná. Òru méjì péré ni ẹ jẹ́ kó lò nínú àpò.

DÚPẸ́: Ta ló bi ọ́? Gàrí Ìjẹ̀bú la ó pè é.

ÌRÓ: Èèfọ́ igbá dáwọ́ dúró lójijì. Ìdákẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú àáyá méjì.

BỌ́SẸ̀: Èmi ò rò ó mọ́.

Ẹ wo gbólóhùn ìkẹyìn yẹn: kò sí “ẹ” níbẹ̀, kò sí “o”. Ìró tí ó dáwọ́ dúró ni ó sọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ fún wa, nítorí pé Bọ́sẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ní kí ó máa rò ó.

Níbi tí ọgbọ́n yìí ti ń jáni kulẹ̀ ni ìgbà tí ẹni kẹta bá wọlé. “Ẹ” kan náà tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni a fi ń bá ènìyàn púpọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí oníbàárà dé tí ó ní, “Ẹ gbé e wá kí n tọ́ ọ wò,” a kò mọ̀ bóyá àwọn méjèèjì ni ó ń bá wí. Bí Bọ́sẹ̀ bá sì wí pé “ẹ má rà á,” ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó kọ ojú sí. Láti ibẹ̀ lọ, wọ́n fi “Ẹ̀gbọ́n mi” tàbí “Bàbá” ṣáájú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá lè rúni lójú. Oníbàárà ní tirẹ̀ dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí fóònù nígbà tí ó kọ́kọ́ kígbe “Ẹ kú iṣẹ́ o!”, ó sì ń rìn bọ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀, kí etí lè mọ̀ pé ọ̀nà ni ó ti ń bọ̀.

Ti ìró ni ó fún wọn ní wàhálà jù. Wọ́n lọ gba ìró gàrí yíyan ní abẹ́ àtíbàbà gan-an, atẹ́gùn sì kó gbogbo rẹ̀ jẹ. Èyí tí ó mọ́ díẹ̀ níbẹ̀, òjò lórí páànù ni ó dàbí. Wọ́n padà sí kíláàsì, wọ́n da gàrí gbígbẹ sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n fi èèfọ́ igbá rò ó lẹ́bàá fóònù, iyẹn sì dún bí agbada ju agbada lọ. Síbẹ̀, ìró kì í dárúkọ ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí Bọ́sẹ̀ fi kọ́kọ́ dárúkọ agbada kí ìró tó wọlé: etí tí ó ti gbọ́ “agbada” kò ní rò pé òjò ni. Ẹ̀wẹ̀, ìró tí a kò bá kọ ibi tí yóò parí sí yóò máa dún títí dé òpin eré.

Kíkan gàrí nìkan ni kò sí ìró fún. Bí oníbàárà ti ń rún un lẹ́nu, a gbọ́ pé ó gbẹ. Pé kò kan, àfi kí ó fi ẹnu sọ ọ́. Wọ́n jẹ́ kí ó rún un, kí ó dákẹ́ díẹ̀, kí ó wá bi Dúpẹ́ pé, “Ìwọ, òru mélòó?”

Ìṣẹ́jú méje ni gbogbo rẹ̀ gbà. Wọ́n gé ìkíni gígùn tí oníbàárà ń kí wọn, wọ́n sì gé orin ìparí, ó wá kù díẹ̀ kí ó pé márùn-ún. Nígbà tí wọ́n tún gbé e fún ìyá àgbà, kò mẹ́nu ba ohùn ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹ̀gbọ́n yẹn kò ṣeun, ó sì béèrè iye tí wọ́n padà ta gàrí náà.