B Nìkan Kò Tó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa tẹ́ ẹ dúró síbí ka ìwé ìròyìn ara ògiri yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín jù. Kí á tó ṣe ìdánwò ìṣirò tó kọjá, mo da lẹ́tà ìdáhùn àádọ́ta kọ sẹ́yìn ìwé mi. "1 B, 2 D, 3 A," bẹ́ẹ̀ ni mò ń kà á bí orin nínú ọkọ̀ láti Agége títí dé GRA níbí.

Ìbéèrè kan wà níbẹ̀: ìyá kan ra àpò ìrẹsì ní ₦40,000, ó tà á ní ₦50,000. Pásẹ́ǹtì mélòó ni èrè rẹ̀? A jẹ́ 20, B jẹ́ 25, C jẹ́ 80, D jẹ́ 125. Ìdáhùn ni B. Mo há a sórí.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ìbéèrè yẹn náà ló jáde, àmọ́ wọ́n ti yí ipò àwọn ìdáhùn padà. 20 ló wá wà ní B. Mo fi tayọ̀tayọ̀ kun B, mo sì gba òdo.

Nílé, mo sọ fún màmá mi tó ń tajà ní Agége. Wọ́n ní, "Èló lo gbé lọ sọ́jà?" Mo ní ₦40,000. "Èló ló lé lórí ẹ̀?" Mo ní ₦10,000. "Ṣé kì í ṣe orí èyí tóo gbé lọ lo ti máa ka èrè ni? ₦50,000 ò tíì sí lọ́wọ́ ẹ nígbà yẹn!" Ó wá yé mi: 10,000 ÷ 40,000 × 100 = 25.

Mo padà wo àwọn ìdáhùn yòókù. Àṣé wọn ò ṣàdédé kọ wọ́n. Ẹni tó bá ka èrè lórí ₦50,000 ló máa rí 20. Ẹni tó fi ₦50,000 pín ₦40,000 ló máa rí 80. Ẹni tó gbàgbé láti yọ owó tó fi rà á kúrò ló máa rí 125. Àṣìṣe wa ni wọ́n fi dẹ pàkúté.

Ọ̀rẹ́ mi wá yí i po: bí wọ́n bá ta àpò ní ₦50,000, tí èrè jẹ́ pásẹ́ǹtì 25, èló ni wọ́n rà á? Òun yọ pásẹ́ǹtì 25 kúrò nínú ₦50,000, ó rí ₦37,500. Mo ní ká dán an wò. Pásẹ́ǹtì 25 ti ₦37,500 jẹ́ ₦9,375. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦46,875, kò dé ₦50,000. Owó tí wọ́n rà á ni 100, owó tí wọ́n tà á ni 125. Nítorí náà, 50,000 ÷ 125 × 100 = ₦40,000. Lẹ́tà wo ló fẹ́ kọ́ mi nìyẹn?

Nínú ìṣirò WAEC, máàkì 50 ni apá tí à ń mú lẹ́tà, 100 ni apá tí à ń kọ bí a ṣe ṣe é. Lẹ́tà dáa fún ẹni tó ti ṣe é tán, tó kàn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Tẹ́nì kan bá wá bi ọ́ pé, "Nọ́ńbà 7 ńkọ́?", sọ lẹ́tà, kóo sì fi ìlà kan sọ ìdí rẹ̀. Èmi ti sanwó tèmi.