Bébà Ẹ̀pà Tó Tú Àṣírí Ìyá Mi

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí fún yín, kó má baà ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà.

Lọ́dún 2019, ìyá mi lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fún oṣù mẹ́fà gbáko, ara wọn sì yá. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London fẹ́ ka ìwé ìtọ́jú náà, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé dókítà kò ṣe é kà. Mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé ládùúgbò. Wọ́n ya ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà, ọmọbìnrin ibẹ̀ sì tẹ gbogbo rẹ̀: orúkọ, àìsàn, títí kan nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó jáde kò mọ́, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi gba èyí tó dáa, mo bá tèmi lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, aládùúgbò wa ra ẹ̀pà. Bébà tí wọ́n fi wé e ni ìwé ìyá mi! Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn oníbàárà ìyá mi ti ń yà fún ìsọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó lo oògùn náà pé, tí ara rẹ̀ ti yá, kò ní í kó o ran ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo bí mo ṣe ń ṣe é báyìí. Kí n tó kúrò nílé, mo máa ń fi bébà tó nípọn bo orúkọ, nọ́ńbà NIN, nọ́ńbà káàdì ọsíbítù àti ìbuwọ́lùwé, màá wá ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀. Fọ́tòkọ́pì yẹn nìkan ni mo ń gbé jáde. A ò lè bo àìsàn, torí òun la fẹ́ kà. Orúkọ ló yẹ kó kúrò. Níbi tí mo bò, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á kọ «orúkọ wà níbí» tàbí «dókítà buwọ́ lù ú». Nígbà tí mo bá délé, màá fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ sí i.

Ẹ má gbà kí wọ́n kàn fi àwọ̀ dúdú bo nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ náà lè ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n da ibẹ̀ kọ sójú ewé òfìfo. Bí nọ́ńbà bá jáde, kò tíì kúrò nìyẹn.

Kí ẹ tó dìde, ẹ gba gbogbo ẹ̀dà tó bàjẹ́. Ẹ dúró kí wọ́n pa àwòrán àti ohun tí wọ́n tẹ̀ rẹ́, kí wọ́n sì kó o kúrò nínú Recycle Bin pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ó ti kọjá agbára yín. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ilé ni mo ti ń bò ó.

Ìyá mi ti padà sọ́jà. Àwọn oníbàárà kan kò tíì padà.