Lẹ́tà Télọ̀ sí Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́: Ìdí Tí Owó Aṣọ Fi Di 72,000

Ìwé tí télọ̀ kan ní Ẹ̀sà-Òkè kọ́kọ́ kọ lálẹ́ ọjọ́ Ajé kan, ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2024, kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ó ní nǹkan ti wọ́n, kí ìyá má bínú, owó aṣọ ti kúrò ní 65,000 náírà, ó ti di 82,500. Ó kà á sí ìyàwó rẹ̀ létí. Ìyàwó ń fún ọmọ lọ́mú, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n kọ èyí sí, màá gbà pé olè ni ẹni tó kọ ọ́."

Télọ̀ fa ìwé náà ya.

Ẹni tó ń kọ̀wé sí kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ni ìyá náà, èlùbọ́ ló ń tà ní Òṣogbo, kò sì sí ẹni tó lè kọ́ ọ ní ìṣirò owó. Ó fẹ́ ṣe ìnáwó òkú ìyá rẹ̀ ní ọdún Àjíǹde, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin mẹ́rin sì fẹ́ wọ Àǹkárá kan náà. Ní oṣù Kìíní ló wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àdéhùn wọn ni pé télọ̀ ni yóò bá wọn ra aṣọ: ìdì kan tó jẹ́ yáàdì mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 8,000 náírà ni ìdì kan. Owó ìránṣọ síkẹ́ẹ̀tì àti bùláòsì jẹ́ 5,000 fún ẹnì kan, láínì, síìpù, gọ́ọ̀mù àti òwú wà nínú rẹ̀. Ìdì márùn-ún jẹ́ 40,000, ìránṣọ márùn-ún jẹ́ 25,000. Ìyá san 30,000 sílẹ̀.

Kí oṣù kan tó pé, ayé yí padà. Ọ̀pọ̀ Àǹkárá tó wà lọ́jà wa, Ṣáínà ló ti ń wá, dọ́là ni àwọn tó ń kó o wọ Èkó sì ń san. Ní ìparí ọdún 2023, dọ́là kan kò ju bíi 900 náírà lọ ní ti ìjọba. Ní ìparí oṣù Kejì 2024, ó ti kọjá 1,500. Owó epo mọ́tò ti fò sókè ṣáájú ìyẹn, láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, nítorí náà owó ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù láti Èkó pàápàá kò dúró síbi tó wà. Nígbà tí télọ̀ padà dé ọjà Àtàkúnmọ́sà ní Iléṣà, ìdì tó jẹ́ 8,000 ti di 11,500.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ mọ̀ pé bí èlùbọ́ bá gbówó lórí lọ́nà oko, èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà á gbówó lórí, nítorí pé owó rẹ̀ la máa fi ra òmíràn. Ohun tí télọ̀ kọ́kọ́ rò nìyẹn: ó sọ ìdì márààrún di 11,500, ó fi 25,000 ìránṣọ lé e, ó sì bọ́ sí 82,500. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń mú wọn. Ṣùgbọ́n ìdì mẹ́ta ti wà nínú àpótí rẹ̀ láti oṣù Kìíní, owó ìyá ló sì fi rà wọ́n. Ọjà tìrẹ kọ́ nìyẹn. Aṣọ oníbàárà ló ń bá a tọ́jú, bí ẹni tó gbé aṣọ tirẹ̀ wá láti ilé.

Ó mú ìwé mìíràn láti inú ìwé ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ohun tó kọ nìyí:

"Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ẹ kú ìmúra ìnáwó màmá. Ẹ jọ̀ọ́ mà, owó aṣọ yín ti yí padà, mo sì fẹ́ kí ẹ rí bó ṣe yí.

"Nínú 30,000 tí ẹ fún mi, mo ra ìdì mẹ́ta ní 24,000. Mo fi 6,000 tó kù ra láínì, síìpù, gọ́ọ̀mù àti òwú aṣọ márààrún. Gbogbo ìyẹn wà nílẹ̀, n kò ní fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ìdì méjì tí owó kò ká ló kù. Wọ́n ti di 11,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, 23,000 lápapọ̀, dípò 16,000. 7,000 náírà ló lé.

"Owó ìránṣọ dúró ní 25,000 bí a ṣe sọ ọ́. Epo jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n, ṣùgbọ́n èmi ni mo dá iye yẹn, èmi ni kí n rù ú. Àpapọ̀ tuntun jẹ́ 72,000. Ẹ ti san 30,000, ó ku 42,000. 23,000 ni mo nílò kíákíá kí n lè ra aṣọ, kó má tún gbówó lórí. Ẹ ó san 19,000 tó kù nígbà tí ẹ bá ń kó aṣọ.

"Bó bá pọ̀ jù, ọ̀nà kan wà. Àwọn àbúrò méjì tó kéré jù, tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n. Mo lè yọ gáùn méjì nínú ìdì kan, yáàdì mẹ́ta mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò ní sí gèlè fún wọn. Ìyẹn á jẹ́ 60,500. Ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́, mà."

Awakọ̀ kan ló bá a gbé lẹ́tà náà dé Òṣogbo. Lọ́jọ́ kejì, fóònù dún.

"Ìwọ télọ̀ yìí, kí ló dé tí o kò ra márààrún nígbà yẹn?"

"Mà, 40,000 ni márààrún. 30,000 lẹ fún mi."

Ìyá dákẹ́ díẹ̀. "Ìwọ ló sọ pé 30,000 ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀."

Òótọ́ ni. Ẹnu télọ̀ ló ti jáde. Ó bá jẹ́wọ́ pé bí òun bá kọ́kọ́ ra aṣọ nìkan, kí òun sì fi díẹ̀ kún 30,000 náà, ìdì mẹ́rin ni ìbá ká, kí láínì sì dúró. Ó ní òun máa yọ 3,500 ti ìdì kẹrin kúrò nínú owó ìránṣọ. Àpapọ̀ di 68,500.

"Ó dáa," ni ìyá wí. "Gèlè ni kí gbogbo wọn wé. Màá fi 23,000 ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ò gbọdọ̀ yàtọ̀ o!"

Ẹ̀rù ìyẹn gan-an ló ń ba télọ̀. Òǹtẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan náà, kí ẹrù tó dé lẹ́yìn pọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, iná inú ṣọ́ọ̀bù kì í sì jẹ́ kí èèyàn tètè rí i. Nígbà tó ń lọ sí Iléṣà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gé etí aṣọ ti àkọ́kọ́ dání, níbi tí nọ́ńbà wà. Ó fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà, ó fi téèpù wọn yáàdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nítorí ìdì tó máa ń dín. Lẹ́yìn náà ló gbé aṣọ jáde sínú oòrùn, ó tẹ́ etí ti tẹ́lẹ̀ lé e lórí, ó sì ń wò ó.

Ìdì kan bára mu. Èkejì pọ́n díẹ̀. Ó dá a padà fún alálàṣọ, ó ní kó tú ẹrù mìíràn.