Ìlà Ìrun Wo Ni Kí Àbúrò Wa Dúró Sí?

Abẹ́ òrùlé wa ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀, a sì gba àyè lọ́wọ́ àwọn tí ó kàn kí á tó kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni ó kú. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ, àwọn òbí rẹ̀ náà kò sí mọ́. Ọmọ méjì péré ni ó fi sílẹ̀, pẹ̀lú oko káṣú éékà 12. Ọkùnrin ni àkọ́bí. Èkejì, tí a ó máa pè ní Àbúrò, ni wọ́n tọ́ dàgbà bí obìnrin. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bàlágà, ọmú yọ láyà rẹ̀, irùngbọ̀n sì hù lágbọ̀n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò rí nǹkan oṣù. Àwa ará ilé rẹ̀ kò ṣe dáadáa sí i. A fi í ṣe ẹlẹ́yà. Bí ó bá dé mọ́ṣáláṣí, àwọn obìnrin a ní kí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, àwọn ọkùnrin a ní kí ó padà sọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Nígbà tí ó sú u, ó jókòó sí yàrá, ibẹ̀ ni ó ti ń kírun.

Ogún pínpín ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní obìnrin ni, àti pé Súrà Nísáì ti sọ ọ́ pé ipín ọmọkùnrin kan tó ti ọmọbìnrin méjì, nítorí náà kí òun gba éékà 8, kí Àbúrò gba 4. Àwọn ará ilé ìyá wọn ní ẹni tí ó ní irùngbọ̀n kì í ṣe obìnrin, kí wọ́n pín in ní 6 sí 6. Ìjà fẹ́ dé.

A gbé e tọ Àáfà wa lọ. A rò pé yóò ní kí á mú Àbúrò wá kí àwọn àgbà wò ó. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní èèwọ̀ ni kí á tú ìhòòhò ènìyàn síta nítorí oko. Ó pe Àbúrò nìkan, ó bi í léèrè, lẹ́yìn náà ó ní kí dókítà kọ ohun tí ó bá rí. Ó ní ohun àkọ́kọ́ tí àwọn onímọ̀ fikihi máa ń béèrè ni ojú ibi tí ìtọ̀ ti ń jáde: bí ó bá jẹ́ ojú ara ọkùnrin, ọkùnrin ni, bí ó bá jẹ́ ti obìnrin, obìnrin ni. Bí èyí kò bá fi hàn, kí á dúró de àmì ìbàlágà. Ti Àbúrò, ìtọ̀ kò yanjú rẹ̀, àmì ìbàlágà sì wá lọ́nà méjèèjì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní húnsà múṣíkíìlì, ìyẹn ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta kókó. Ìwé Mukhtasar ti Khalil, tí àwọn àáfà Máálíkì ń kọ́, sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú orí ogún.

Ìlànà Máálíkì ni pé kí á fún un ní ìdajì ipín ọkùnrin àti ìdajì ipín obìnrin. Àáfà fi igi kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Bí Àbúrò bá jẹ́ ọkùnrin, éékà 6 ni tirẹ̀, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 3. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, éékà 4 ni tirẹ̀, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 2. A pa 3 àti 2 pọ̀, ó di 5. Ẹ̀gbọ́n gba 7 tí ó kù. Ìhà kọ̀ọ̀kan pàdánù éékà 1 nínú ohun tí ó ń retí, ìjà sì parí.

Ó fi kún un pé ìrun rẹ̀ náà kò sọnù: lẹ́yìn ìlà ọkùnrin, níwájú ìlà obìnrin, ibẹ̀ ni kí ó dúró sí. Ojú tì wá. Ohun tí a rò pé kò ní àyè nínú ẹ̀sìn, àwọn ẹni àtijọ́ ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè é.

Àbúrò béèrè bóyá òun lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Àáfà sọ ìtàn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ní Al-Azhar, ní Íjíbítì, tí ó di Sally lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ní 1988. Ní ọdún yẹn kan náà, Muhammad Sayyid Tantawi, tí ó jẹ́ mùfútì ibẹ̀, fi fátíwà lélẹ̀ pé iṣẹ́ abẹ tọ́ láti fi hú ẹ̀dá tí ó pamọ́ sínú ara jáde, ṣùgbọ́n kò tọ́ nítorí pé ó kàn wu ènìyàn láti yí padà. Ọ̀rọ̀ Àbúrò bọ́ sí ìhà àkọ́kọ́. Ó ní òun ó rò ó.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́kùnrin kan láàárín wa dúró lẹ́yìn nígbà tí àwọn tókù lọ. Ara rẹ̀ jẹ́ ti ọkùnrin láìsí iyèméjì, ṣùgbọ́n ohùn àti ìrìn rẹ̀ dà bí ti obìnrin, ọkàn rẹ̀ kò sì fà sí obìnrin rí. Ó ní: "Àáfà, Àbúrò ti rí ìlà tirẹ̀. Tèmi ńkọ́?"

Àáfà pín ìdáhùn sí mẹ́ta. Ní ti ìrìn àti ohùn, ó ní An-Nawawi ya ẹni tí a dá bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kò sì sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹni ìṣáájú. Ní ti ohun tí ọkàn ń fà sí, hádíìsì ti fi hàn pé Ọlọ́hun kì í ka èrò ọkàn sí ènìyàn lọ́rùn níwọ̀n ìgbà tí kò bá sọ ọ́ tàbí fi ṣe iṣẹ́. Ní ti ìṣe fúnra rẹ̀, ó ní ìtàn àwọn ènìyàn Ànábì Lúùtù wà níbẹ̀, ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fikihi sì fi ohùn ṣọ̀kan pé harámù ni, bí wọn kò tilẹ̀ fẹnu kò lórí ìyà rẹ̀. Ó rán wa létí pé òfin ìjọba tí a fọwọ́ sí ní January 2014 náà fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lé ìgbéyàwó irú èyí. Síbẹ̀ ó ní Al-Kùránì kọ̀ fún wa kí á máa ṣe amí ara wa, kò sì fi ìyà jíjẹ lé ọwọ́ àwọn èrò àdúgbò.

Ọ̀dọ́kùnrin náà béèrè bóyá kí òun fẹ́ ìyàwó kí ẹnu lè sinmi. Àáfà ní rárá, ìrẹ́jẹ ni yóò jẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní kí ó ṣe sùúrù. Ó dáhùn pé: "Àáfà, títí di ọjọ́ ikú?" Àáfà dákẹ́.

Àwọn Mùsùlùmí kan wà tí wọ́n gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè yẹn lọ́nà mìíràn. Muhsin Hendricks, tí ó jẹ́ ìmáàmù kan ní Kép Táùn nígbà ayé rẹ̀, kọ́ni pé ìfipábánilò àti àìgba-àlejò ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará Lúùtù, kì í ṣe ìfẹ́ láàárín ẹni méjì tí wọ́n gbà fún ara wọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà á, Àáfà wa náà kò gbà á. Ní February 2025 wọ́n yìnbọn pa á ní Gúúsù Áfíríkà. Nígbà tí ìròyìn náà dé, àwọn kan láàárín wa yọ̀. Àáfà bá wọn wí: ó ní àṣìṣe nínú ìtumọ̀ kò sọ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni di ẹ̀tọ́ fún ẹni tí ó gbé ìbọn.

Ní báyìí, Àbúrò ti kúrò ní yàrá, ó ń dúró sí ìlà tirẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin wa náà ń wá, ẹ̀gbẹ́ òpó ni ó máa ń dúró sí. A kò rí ìwé tí ó pín tirẹ̀ ní 5 sí 7. Ohun tí a mọ̀ ni pé èjìká wa gbọ́dọ̀ kan tirẹ̀ nígbà tí a bá tò, bí a ti ń ṣe fún gbogbo ẹni tí ó bá wá kírun. Ọlọ́hun ni ó mọ ohun tí ó wà nínú ọkàn. Kí Ó tọ́ wa sọ́nà. Àámín.